Iṣẹ́ Méjì Nínú Ọdún Kan: Bí A Ṣe Ń Kọ Fọ́ọ̀mù Owó Orí Lórí Ayélujára

Àbúrò mi obìnrin jókòó tì mí níwájú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó orí kí owó oṣù mi tó dé ọwọ́ mi. Kí ni mo tún fẹ́ kọ ránṣẹ́ sí ìjọba?" Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń bi ara wọn ní irú ìbéèrè yìí lọ́dọọdún, wọ́n á sì kàn tẹ ohun tó bá wá sí wọn lọ́kàn sínú fọ́ọ̀mù nítorí pé wọn ò rí ẹni dá wọn lóhùn.

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé owó orí kì í ṣe ti oṣù, ti ọdún ni. Òfin máa ń wo gbogbo owó tó wọlé fún ẹnì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé ìparí rẹ̀ kó tó sọ iye tí onítọ̀hún jẹ. Ṣùgbọ́n ìjọba ò fẹ́ dúró títí ọdún á fi parí kó tó rí owó gbà, ìyẹn ló ṣe ní kí agbanisíṣẹ́ máa yọ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Àsansílẹ̀ ni owó tí wọ́n ń yọ yẹn. Agbanisíṣẹ́ sì ń fojú bù ú ni, torí owó tó ń ti ọwọ́ tirẹ̀ jáde nìkan ló mọ̀. Kò mọ̀ bóyá ẹ ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn nínú ọdún yẹn kan náà. Kò mọ̀ bóyá ẹ ń san èlé lórí owó tí ẹ yá fi ra ilé. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ gbogbo rẹ̀ pọ̀, inú fọ́ọ̀mù yẹn lẹ sì ti máa kó o jọ síbì kan.

Bó ti wù kí ojú ewé rẹ̀ pọ̀ tó, ìbéèrè mẹ́ta péré ni fọ́ọ̀mù náà ń béèrè. Èló ló wọlé? Èló ni òfin gbà kí ẹ yọ kúrò nínú rẹ̀? Èló lẹ ti san sílẹ̀? Ìdáhùn méjì àkọ́kọ́ ló máa sọ owó orí ọdún náà. Bí àsansílẹ̀ yín kò bá tó o, ẹ máa san ìyókù. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á dá àṣẹ́kù padà fún yín.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí ẹni tó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ wọlé. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ ń yọ owó orí wọn kì í kọ fọ́ọ̀mù kankan. Ní Kẹ́ńyà, ẹnikẹ́ni tó bá ti gba nọ́ńbà owó orí ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, ìbáà jẹ́ pé kò rí kọ́bọ̀ gbà lọ́dún yẹn. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ni gbèdéke ní Nàìjíríà, ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ni ti Amẹ́ríkà, ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ni ti Kẹ́ńyà. Ẹ tún wò ó dáadáa bóyá ọdún owó orí yín bá ọdún orí kàlẹ́ńdà mu, torí ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ni, ó sì ń parí ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún kejì. Ẹni tó bá kó owó oṣù January sí December jọ níbẹ̀ ti ṣìnà láti ìlà àkọ́kọ́.

Àmọ́ bí ìṣirò náà ṣe ń rìn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, òun ni mo sì fẹ́ fi tèmi àti àbúrò mi ṣàlàyé. Mo ti sọ iye owó inú rẹ̀ di èyí tó rọrùn láti fi ọwọ́ ṣírò, mi ò sì ní dárúkọ owó orílẹ̀-èdè kankan. Ìpele owó orí tí mo máa lò náà, àpẹẹrẹ lásán ni. Ẹ fi ti ibi tí ẹ wà rọ́pò rẹ̀.

Ká sọ pé ìpele náà rí báyìí. Nínú owó ọdún kan, wọn kì í gba owó orí lórí 12,000 àkọ́kọ́. Lórí 12,000 tó tẹ̀ lé e, wọ́n ń gba ìdá 10 nínú 100. Ohunkóhun tó bá ti kọjá 24,000, ìdá 20 nínú 100 ni. Agbanisíṣẹ́ tó ń yọ ọ́ lóṣooṣù á pín in sí ọ̀nà méjìlá: 1,000 àkọ́kọ́ nínú oṣù kò ní owó orí, ìdá 10 lórí 1,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 20 lórí ìyókù. Kí n tún fi èyí kún un, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé dáadáa: wọ́n rò pé bí owó èèyàn bá ti wọ ìpele ìdá 20, gbogbo owó rẹ̀ ni wọ́n máa fi ìdá 20 gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó lé lórí 24,000 nìkan ni ìdá 20 kàn. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ dúró síbi tí wọ́n wà.

Ọ̀rọ̀ àbúrò mi wá rèé. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú ọdún, ibi iṣẹ́ àtijọ́ ló wà. Wọ́n ń san 2,500 fún un lóṣù, wọ́n á kọ́kọ́ yọ 250 fún owó ìfẹ̀yìntì, èyí tí òfin inú àpẹẹrẹ wa kì í gba owó orí lé lórí, wọ́n á wá yọ 150 fún owó orí lórí ìyókù. Ó kúrò níbẹ̀ ní ìparí oṣù Kẹfà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun ní oṣù Keje. Ibẹ̀ ń san 3,500, wọ́n ń yọ 350 fún owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n ń yọ 330 fún owó orí. Nínú oṣù Keje yìí kan náà, ibi iṣẹ́ àtijọ́ san 2,000 fún un, owó ìsinmi tí kò lò kó tó lọ, wọ́n sì yọ 100 nínú rẹ̀ fún owó orí. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó ní ilé tó fi owó báńkì rà, 400 ló ń san padà fún wọn lóṣù.

Ìwé mẹ́ta ni mo ní kó kó wá ká tó tan kọ̀ǹpútà. Ìwé owó oṣù ọdún láti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn méjì. Èyí ni wọ́n ń pè ní P9 ní Kẹ́ńyà, W-2 ní Amẹ́ríkà. Ìkẹta ni lẹ́tà báńkì tó fi hàn, nínú owó tó san lọ́dún náà, èyí tó jẹ́ èlé àti èyí tó jẹ́ ojú owó. Ti ibi iṣẹ́ àtijọ́ pẹ́ kó tó jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń pè wọ́n, tí wọ́n ń ní kó padà wá lọ́la. Ó dùn mí gan-an, torí ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí ẹ bá ti ń fi iṣẹ́ kan sílẹ̀, ẹ ti béèrè ìwé yìí kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì tọ́jú ìwé owó oṣù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fún yín, torí òun lẹ máa fi ṣe ẹ̀rí bí wọ́n bá kọ̀ láti fún yín ní ti ọdún.

A wọlé sórí ìkànnì àjọ agbowó-orí. Nọ́ńbà owó orí rẹ̀, páswọ́ọ̀dù, lẹ́yìn náà kóòdù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. A yan ọdún. Ẹ fara balẹ̀ níbi yíyan ọdún yìí, torí ọdún tó ti parí lẹ ń ròyìn, kì í ṣe èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀.

Bí ojú ewé owó oṣù ṣe ṣí, owó ti wà nínú àpótí rẹ̀. Ìkànnì ti kó o wọlé fúnra rẹ̀ láti inú ohun tí agbanisíṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn. Ó kọ 21,000 sí owó oṣù, 2,100 sí owó ìfẹ̀yìntì, 1,980 sí owó orí tí wọ́n ti yọ. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà pé wọ́n máa dá 1,290 padà fún un. Àbúrò mi pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tẹ Submit kíá!"

Mo ní kó mú ọwọ́ kúrò. Oṣù mẹ́fà tuntun nìkan ló wà níbẹ̀. Ibi iṣẹ́ àtijọ́ kò tíì fi tiwọn ránṣẹ́, ìkànnì kò sì lè mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Ẹ wo ibi tí 1,290 yẹn ti wá. Ìkànnì rí 21,000, ó yọ 2,100, ó ku 18,900. Ó fún un ní 12,000 tí kò ní owó orí, ó ku 6,900, ìdá 10 rẹ̀ sì jẹ́ 690. Wọ́n ti yọ 1,980. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni 1,290. Ìṣirò náà kò ní àṣìṣe kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ó lo àǹfààní ọdún kan gbáko lórí owó oṣù mẹ́fà. Ká ní ó tẹ̀ ẹ́ lọ ni, wọ́n lè san 1,290 náà fún un. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ìwé ibi iṣẹ́ àtijọ́ bá wọlé, ìkànnì á rí i pé orúkọ kan náà ní owó tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù, wọ́n á béèrè owó wọn padà pẹ̀lú èlé àti owó ìtanràn. Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé bí iye ìdápadà bá ti sún mọ́ owó orí tí wọ́n yọ fún oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí wọ́n wá ohun tó sọnù kí wọ́n tó máa dúpẹ́.

A fi agbanisíṣẹ́ kejì kún un. Lórí fọ́ọ̀mù, ibi kan wà tí wọ́n ti ń fi ìlà tuntun kún owó iṣẹ́. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà owó orí agbanisíṣẹ́, owó tó san, àti owó orí tó yọ. Mo ní kó máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀ látinú ìwé. Ó tẹ 15,500 sí owó oṣù, ó tẹ 1,500 sí owó ìfẹ̀yìntì, ó tẹ 1,000 sí owó orí tí wọ́n ti yọ. Ìkànnì ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, ó mú odo jáde. Kò jẹ ìjọba, ìjọba kò jẹ ẹ́. Inú rẹ̀ tún dùn, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Odo yẹn ló dẹ́rù bà mí jù ní gbogbo ọjọ́ náà, torí ó jọ òótọ́. Ẹ bá mi wo ìwé tó ń wò. Ìlà méjì ló wà lórí rẹ̀ tó jọra. Ọ̀kan ni Gross pay, gbogbo owó tí wọ́n san kí wọ́n tó yọ ohunkóhun: 17,000, ìyẹn 15,000 ti oṣù mẹ́fà pẹ̀lú 2,000 ti ìsinmi. Èkejì ni Taxable pay, èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó ìfẹ̀yìntì: 15,500. Èyí tó wà nísàlẹ̀ ló tẹ̀. Fọ́ọ̀mù tún wá yọ 1,500 owó ìfẹ̀yìntì nínú rẹ̀. Wọ́n ti yọ owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Owó 1,500 tí kò yẹ kó kúrò ti kúrò, ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ 300, 300 yẹn ló sì fara pamọ́ sínú odo.

Ibi tí àwọn olówó oṣù ti ń ṣì í jù nìyí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn nígbà gbogbo, torí ìwé kò rí bákan náà. Ní Amẹ́ríkà, àpótí àkọ́kọ́ lórí W-2 sábà máa ń ti yọ owó tí òṣìṣẹ́ fi sínú ìfẹ̀yìntì 401(k) rẹ̀ kúrò kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹni tó bá tún lọ yọ ọ́ ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. P9 ti Kẹ́ńyà fi gbogbo owó hàn lọ́tọ̀, ó fi owó ìfẹ̀yìntì hàn lọ́tọ̀. Ohun tó máa yọ yín ni pé kí ẹ fi bírò ṣe àyọkúrò kan ṣoṣo lórí ìwé náà: ẹ mú iye tó pọ̀ jù, ẹ yọ owó ìfẹ̀yìntì nínú rẹ̀. Bó bá bá iye kejì mu gẹ́lẹ́, ẹ ti mọ èyí tó jẹ́ gbogbo owó àti èyí tó jẹ́ àṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà kí ẹ ka ohun tí àpótí orí fọ́ọ̀mù ń béèrè, bóyá kí wọ́n tó yọ ni tàbí lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ. Ẹni tó bá wá lọ tẹ owó tó wọ báńkì rẹ̀, ìyẹn ti ṣìnà ju gbogbo wọn lọ, torí wọ́n ti yọ owó orí pàápàá nínú ìyẹn.

A tún un ṣe, a tẹ 17,000. Àpapọ̀ owó tó wọlé di 38,000, owó ìfẹ̀yìntì di 3,600, ó ku 34,400. Owó orí lórí rẹ̀: lórí 12,000 àkọ́kọ́, kò sí, lórí 12,000 tó tẹ̀ lé e, 1,200, lórí 10,400 tó kù, ìdá 20, ìyẹn 2,080. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 3,280. Wọ́n ti yọ 1,980 àti 1,000, ó jẹ́ 2,980. Ó wá jẹ ìjọba ní 300.

Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. "Báwo ni mo ṣe jẹ gbèsè nígbà tí gbogbo wọn ló ń yọ ọ́?" Oṣù Keje ló fa á. Nígbà tí ibi iṣẹ́ àtijọ́ ń san 2,000 owó ìsinmi, lójú tiwọn, owó yẹn nìkan ló gbà lóṣù yẹn. Wọ́n fún un ní 1,000 tí kò ní owó orí, wọ́n gba ìdá 10 lórí 1,000 kejì, ó jẹ́ 100. Ibi iṣẹ́ tuntun náà sì ti fún un ní 1,000 ti oṣù Keje yìí kan náà. Ó jẹ àǹfààní oṣù kan lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Ìdá 20 ló yẹ kí wọ́n gbà lórí gbogbo 2,000 náà, ìyẹn 400. Wọ́n gba 100. Ó ku 300. Ẹnikẹ́ni tí owó bá ti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ méjì dé bá lóṣù kan náà lè bá irú èyí pàdé, kò sì sí ẹni tó jalè nínú wọn.

Ó wá ku àyọkúrò tí agbanisíṣẹ́ kankan kò mọ̀, èlé orí owó ilé. Òfin lórí èyí yàtọ̀ síra gan-an, ẹ gbọ́dọ̀ wo ti ibi tí ẹ wà kí ẹ tó kọ ọ́. Kẹ́ńyà gbà á, ó sì fi ààlà sí iye tí èèyàn lè yọ. Amẹ́ríkà gbà á fún ẹni tó bá yàn láti ka àyọkúrò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, dípò kó mú iye kan náà tí òfin ń fún gbogbo èèyàn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á mọ́ lórí ilé tí èèyàn ń gbé. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, òfin gbà á.

Àbúrò mi ti ṣí àpótí náà, ó ti tẹ 4,800. Ìkànnì yí padà, ó ní wọ́n máa dá 660 padà fún un. Mo na lẹ́tà báńkì sí i. Lóòótọ́ ló san 400 lóṣù fún oṣù méjìlá, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà pín in sí méjì: 2,400 jẹ́ èlé, 2,400 jẹ́ ojú owó. Ojú owó kì í ṣe ìnáwó, gbèsè tirẹ̀ ló ń dín kù, ilé tirẹ̀ ló sì ń di tirẹ̀ sí i. Èlé nìkan ni òfin ń wò. Àṣìṣe yìí rọrùn láti ṣe, torí owó kan ṣoṣo ni báńkì ń yọ lóṣù, kò sí ẹni tó ń rò ó pé méjì ló wà nínú rẹ̀. Ó sì rọrùn fún àjọ agbowó-orí láti rí i, torí lẹ́tà báńkì náà ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

A pa 4,800 rẹ́, a tẹ 2,400. Owó tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí di 32,000. Owó orí rẹ̀ di 1,200 àti 1,600, ìyẹn 2,800. Ó ti san 2,980. Wọ́n á dá 180 padà fún un.

Ó ní, "Ṣé 180 péré? Mo sì yọ 2,400!" Mo ní kó gbọ́ eléyìí yé dáadáa. Àyọkúrò kì í ṣe owó tí ìjọba ń san fún èèyàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín owó tí wọ́n máa wò kù. Nínú tirẹ̀, 2,400 yẹn kúrò lórí òkè pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń gba ìdá 20. Ìdá 20 nínú 2,400 jẹ́ 480. Ó jẹ 300 tẹ́lẹ̀. 480 pa 300 rẹ́, ó ku 180. Ẹni tí owó rẹ̀ kò kọjá ìpele ìdá 10, 240 ni yóò rí lórí àyọkúrò kan náà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó 12,000 kò ní rí nǹkan kan, torí kò sí owó orí tó fẹ́ dín kù fún un.

Irú ẹ̀dínwó kan wà tí kò rí báyìí. Òun kò wá sórí owó tó wọlé, orí owó orí gan-an ló ti ń kúrò, ní odindi. Ẹ̀dínwó tí Kẹ́ńyà ń fún gbogbo olùgbé rẹ̀ jẹ́ irú èyí: wọ́n á kọ́kọ́ ṣírò owó orí tán, wọ́n á wá yọ ọ́ nínú rẹ̀. Méjèèjì ní àpótí tirẹ̀ lórí fọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sí àyè èkejì, ìkànnì lè gbà á láìwí nǹkan kan, ìdáhùn á sì jìnnà sí òótọ́. Torí náà ẹ wo ibi tí àpótí náà wà: bó bá wà ṣáájú ìlà tí wọ́n ti mú owó orí jáde, àyọkúrò ni, bó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀dínwó orí owó orí ni.

Ìyókù kò gba àkókò. A kọ nọ́ńbà báńkì tí wọ́n máa dá owó sí, tó ní orúkọ òun fúnra rẹ̀ bó ṣe wà lọ́dọ̀ àjọ agbowó-orí; bí orúkọ kò bá bára mu, owó náà á kàn dúró síbẹ̀ ni. A tún gbogbo rẹ̀ kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó tẹ Submit. Mo ti rí ẹni tó tẹ Save, tó rò pé òun ti parí, tí lẹ́tà ìtanràn sì dé bá a lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àkọsílẹ̀ tí ẹ tọ́jú kò tíì kúrò lọ́wọ́ yín. Ohun tó fi hàn pé ó ti lọ ni ìwé ẹ̀rí ìgbàwọlé tí ìkànnì máa ń mú jáde, tó ní nọ́ńbà àti ọjọ́ lórí. Bí ẹ kò bá rí i, kò tíì lọ. Ẹni tó bá jẹ gbèsè tún gbọ́dọ̀ mọ̀ pé fífi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ àti sísan owó kì í ṣe nǹkan kan náà. Ìkànnì á fún un ní nọ́ńbà ìsanwó, òun ló máa fi san án, ọjọ́ gbèdéke náà kò sì ní dúró dè é.

Bí ẹ bá wá rántí nǹkan lẹ́yìn tó ti lọ, ẹ má ṣe kọ òmíràn bíi pé ti àkọ́kọ́ kò sí. Fọ́ọ̀mù àtúnṣe wà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fún èèyàn ní oṣù méjìlá lẹ́yìn ọjọ́ gbèdéke láti tún tirẹ̀ ṣe. Àtúnṣe tí ẹ fọwọ́ ara yín ṣe sàn púpọ̀ ju èyí tí wọ́n pè yín wá ṣe.

A fi ìwé ẹ̀rí ìgbàwọlé, ìwé agbanisíṣẹ́ méjèèjì àti lẹ́tà báńkì sínú fódà kan, a kọ ọdún náà sí i lórí. Ọdún mẹ́ta ni Amẹ́ríkà sábà máa ń ní kí èèyàn tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀, márùn-ún ni ti Kẹ́ńyà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ímeèlì dé láti ọ̀dọ̀ àjọ agbowó-orí. Èlé nìkan ni wọ́n béèrè ẹ̀rí rẹ̀, torí òun nìkan ni nǹkan tí kò ti ọwọ́ agbanisíṣẹ́ kankan dé ọ̀dọ̀ wọn. Àbúrò mi ṣí fódà, ó fi lẹ́tà báńkì ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Owó 180 náà wọ báńkì rẹ̀ kí oṣù tó parí.